Kóòdù dé sórí fóònù ìyá tó ń ra bàtà, fóònù olówó ńlá ló fi san

Ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, fóònù àti lápútọ́ọ̀pù la ń tà, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìsanwó àti awuyewuye káàdì ni èmi wà. Ìyá kan pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní wọ́n ti yọ owó nínú káàdì òun, orúkọ wa ló sì wà lára owó náà, bẹ́ẹ̀ òun ò ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wa rí. Ó ní bàtà lòun ń rà láàárọ̀ yẹn, lórí wẹ́bsáìtì kan tí ìpolówó gbé òun lọ, iye bàtà yẹn ò sì tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó tó lọ. Ó ti pe báńkì ẹ̀, báńkì ní ṣebí òun fúnra ẹ̀ ló fi kóòdù sí i, kí ló tún kù.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé màmá ti ka kóòdù fún oníjìbìtì lórí fóònù. Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni o, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má fi han ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni, èmi fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sí ni." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ yìí fi yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, mo ṣí lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ń gba orí sáfà wa kọjá. Ọ́dà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, fóònù kan ṣoṣo, èyí tó wọ́n jù tá à ń tà, akáùǹtì tí wọ́n ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, orúkọ tó wà lára ọ́dà kì í ṣe ti màmá, àdírẹ́sì náà kì í ṣe tiwọn. Nọ́ńbà káàdì nìkan ló jẹ́ tiwọn. Ohun tó sì wà nídìí ìsanwó náà nìyí, mo gé e kúrú:

```
ARes  "transStatus": "C"
RReq  "transStatus": "Y", "eci": "05"
```

Ẹni tí kò mọ irú nǹkan yìí á rò pé ẹnà kọ̀ǹpútà lásán ni, àmọ́ ìlà méjì yẹn ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tán. Kí n ṣàlàyé ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Tí èèyàn bá fẹ́ fi káàdì sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun tó máa tẹ̀ síbẹ̀ ni nọ́ńbà iwájú káàdì, oṣù àti ọdún tí káàdì máa kú, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ sára káàdì, kò sì sí èyí tó ń yí padà níbẹ̀ títí káàdì á fi kú, torí náà ẹni tó bá ti rí káàdì yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó ya fọ́tò ẹ̀, tàbí tó jí i nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kan, ó ti ní gbogbo ohun tó nílò nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù gidi, káàdì fúnra ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ kì í sì í sanwó láìtẹ PIN tàbí láì jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ṣíìpù ara ẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, káàdì ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fi kóòdù ránṣẹ́ nìyẹn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà káàdì yẹn ni ẹni tí báńkì fún ní káàdì.

Ètò tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní 3-D Secure. Visa ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 2001, Mastercard náà ṣe tiẹ̀, lónìí ẹ máa rí orúkọ Visa Secure tàbí Mastercard Identity Check lórí pèéjì tí kóòdù wà. Láyé àtijọ́ ẹ̀, páṣíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni èèyàn máa ń fi sí i, kálukú ń gbàgbé tiẹ̀, tí olè bá sì jí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kóòdù tó ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló wá gba ipò yẹn. Ní ọdún 2016 ni EMVCo, ilé iṣẹ́ táwọn oníkáàdì ńlá jọ ní, gbé ìkejì ètò náà jáde, òun ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò báyìí.

Ìhà mẹ́ta ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ètò yìí. Ìhà kìíní ni àwa tá à ń tajà àti báńkì tó ń gba owó fún wa. Ìhà kejì ni báńkì tó fún èèyàn ní káàdì, òun ló ní sáfà kan tí wọ́n ń pè ní ACS, ACS yìí ni olórí gbogbo eré yìí, ẹ fi sọ́kàn. Ìhà kẹta wà láàárín, Visa tàbí Mastercard ló ni ín, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tá a bá fi nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́, á wò ó, á mọ báńkì tó ni káàdì, á sì darí ọ̀rọ̀ lọ sí ACS báńkì yẹn.

Nígbà tẹ́ni yẹn tẹ nọ́ńbà káàdì màmá sórí ṣọ́ọ̀bù wa, tó sì tẹ ibi ìsanwó, sáfà wa fi ìbéèrè kan ránṣẹ́, AReq ni orúkọ ẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà káàdì nìkan ló wà nínú ẹ̀ o. Iye owó wà níbẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa wà níbẹ̀, àdírẹ́sì tí ẹrù ń lọ, ìmeèlì, irú bíráúsà tí wọ́n ń lò, èdè tó wà lórí ẹ̀, bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó, aago agbègbè tí ẹ̀rọ náà wà, àdírẹ́sì IP. ACS á kó gbogbo ẹ̀ jọ, á fi wé ohun tó ti mọ̀ nípa oníkáàdì yẹn. Tí gbogbo ẹ̀ bá jọ èyí tó ti rí rí, ẹ̀rọ kan náà, ilé kan náà, owó tí kò pọ̀, ó lè dáhùn `Y`, ìyẹn ni pé ó gbà, lójú ẹsẹ̀, oníkáàdì ò sì ní rí kóòdù kankan, wọ́n á kàn rí i pé owó ti lọ. Ìdí tẹ́ ẹ fi máa ń rí i nìyẹn pé lánàá ẹ rajà, wọn ò béèrè kóòdù, lónìí ẹ rajà, wọ́n béèrè, ẹ wá ń rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sóhun tó bàjẹ́, báńkì ló wo tòní tí ojú ẹ̀ ò gbà á.

Ojú báńkì màmá ò gba ti ọ́dà yìí náà. Ẹ̀rọ tí wọn ò rí rí, aago agbègbè tó yàtọ̀ sí tibi tí màmá ń gbé, owó gọbọi, àdírẹ́sì tuntun. Nítorí náà ACS fi ARes dá AReq wa lóhùn, `C` ló sì kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ dúró ná, mo fẹ́ bi oníkáàdì léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ẹ rí i, títí débí, ètò náà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó tiẹ̀ fura sí olè lóòótọ́.

Tí ACS bá ti sọ `C`, pèéjì kékeré kan á ṣí láàárín ibi ìsanwó wa. Ó dà bíi pé tiwa ni, kì í ṣe tiwa rárá, látọ̀dọ̀ ACS báńkì ló ti ń wá tààrà, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ síbẹ̀ báńkì ló ń lọ bá, àwa ò rí kóòdù yẹn, a ò lè rí i, kò sí nínú lọ́ọ̀gì wa níbì kankan. Lákòókò kan náà ni báńkì á ṣẹ̀dá kóòdù, ó sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, kọ̀ǹpútà ló ń ṣà á bó ṣe rí, kò sí lára káàdì, kò sí ẹni tó lè ṣírò ẹ̀ jáde. Ìsanwó yẹn nìkan ni wọ́n so ó mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní láti fi wà láàyè, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ ṣì ní ìwọ̀nba ìgbà tí báńkì gbà láyè, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ mílíọ̀nù kan oríṣiríṣi, tí wọ́n bá fún olè láyè ẹ̀ẹ̀mẹta péré, kò sí bó ṣe fẹ́ méfò ẹ̀ bá a.

Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, ibi tí kóòdù ń lọ. Nọ́ńbà fóònù tí oníkáàdì fi sílẹ̀ ní báńkì ló ń lọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀bù. Olè tó ra fóònù yẹn fi nọ́ńbà tiẹ̀ sára ọ́dà, ó fi ìmeèlì tiẹ̀ síbẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́, kóòdù lọ sórí fóònù màmá tó jókòó sílé. Báwo ló ṣe wá dé ọwọ́ olè?

Mo ní kí màmá ṣí mẹ́sééjì yẹn, kí wọ́n kà á sí mi létí, àmọ́ kí wọ́n fo nọ́ńbà náà, torí ó ti kú lóòótọ́ ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí kíka kóòdù fún ẹni tó wà lórí fóònù mọ́ wọn lára. Wọ́n kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kóòdù, iye owó, orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì wọn, àti ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Iye owó fóònù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti bàtà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Háà, mi ò ka ìyẹn o, nọ́ńbà yẹn ni mo ń wá." Mi ò bá wọn wí, ta ló ń kà á? Fóònù gan-an máa ń fa kóòdù yẹn yọ fúnra ẹ̀ táá sì gbé e síbi tó yẹ kó wọ̀, ojú èèyàn ò tiẹ̀ ní kan ìyókù mẹ́sééjì náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Wẹ́bsáìtì bàtà yẹn, kò sí bàtà kankan níbẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, fọ́tò bàtà tó rẹwà, owó tó dínwó, pèéjì ìsanwó tó jọ ti gbogbo ayé. Bí màmá ṣe ń tẹ nọ́ńbà káàdì síbẹ̀, olè ń gbà á ní òdìkejì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ṣọ́ọ̀bù wa ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ó lè jẹ́ èèyàn ló jókòó tì í, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n gbé e fún. ACS báńkì dá a dúró, ó ní òun fẹ́ kóòdù. Wẹ́bsáìtì bàtà náà wá ṣí pèéjì kan fún màmá, àmì báńkì wọn wà lókè ẹ̀, ó ní báńkì yín ti fi kóòdù ránṣẹ́ o, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí. Kóòdù sì dé lóòótọ́, látọ̀dọ̀ báńkì gidi, sínú okùn mẹ́sééjì tí báńkì ti máa ń lò tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ mú màmá fura? Wọ́n ń retí kóòdù, kóòdù dé, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Olè gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ sínú pèéjì ACS gidi tó ṣí lọ́dọ̀ ẹ̀. ACS rí i pé kóòdù bá a mu, ó sì fi `Y` ránṣẹ́ sí wa nínú RReq, ìyẹn iṣẹ́ tó fi ń jẹ́ ká mọ ibi tí àyẹ̀wò náà parí sí. Mo wo aago ara lọ́ọ̀gì, ìṣẹ́jú kan ò pé láàárín ìgbà tí `C` wọlé àti ìgbà tí `Y` dé.

Nítorí náà ohun tí kóòdù fi hàn ní tòótọ́ ni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí ohun tó wọ fóònù oníkáàdì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Kò fi hàn pé oníkáàdì ló jókòó sídìí ọ́dà náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni olè rìn gbà. Ohun tó lè dí ibẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni, iye owó àti orúkọ ẹni tó ń gbà á. Òfin ìsanwó ilẹ̀ Yúróòpù tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan, pé kí wọ́n so kóòdù mọ́ iye owó àti ẹni tó ń gba owó, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó mọ méjèèjì, ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn báńkì kan níbòmíràn kì í kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kóòdù lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, lójú tèmi o, ìwà àìbìkítà gbáà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà kì í fìgbà gbogbo dá èèyàn lójú. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì lè yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí wẹ́bsáìtì ẹ̀, ẹ lè ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa kí orúkọ àjèjì kan wá yọ nínú mẹ́sééjì. Iye owó ni kì í yẹ̀. Tí iye tó wà nínú mẹ́sééjì bá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ rí níbi tẹ́ ẹ ti ń rajà, àyàfi tí owó ilẹ̀ òkèèrè bá wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí owó tiyín, ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ pa pèéjì yẹn dé. Tí ẹ ò bá tẹ kóòdù, `Y` ò ní jáde, ọ́dà yẹn á kú síbẹ̀.

Ẹ padà wá sí lọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn `Y`, ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Kóòdù tó tọ̀nà kì í ṣe owó. Ó dà bí ilé tó ní aṣọ́nà àti akápò: aṣọ́nà ti gbà pé ìwọ ni, ó ṣílẹ̀kùn, akápò ṣì máa wo ìwé ẹ̀ bóyá owó wà. ACS máa ń fi èdìdì kan tẹ̀ lé `Y` yẹn, àwa á so èdìdì náà mọ́ ìbéèrè mìíràn tó ń lọ bá báńkì oníkáàdì, pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà kí owó báyìí lọ. Ibẹ̀ ni báńkì ti ń wo owó tó wà nílẹ̀, iye tí wọ́n gbà kí káàdì ná lójúmọ́, bóyá wọ́n ti káàdì pa. Ìdí nìyẹn tí kóòdù yín fi lè wọlé dáadáa kí ìsanwó ṣì kọ̀. Ti màmá ò kọ̀, owó wà, báńkì gbà.

`05` tó wà nínú ìlà kejì yẹn, Visa ló ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, Mastercard ń lo `02`, ohun tó ń sọ ni pé àyẹ̀wò oníkáàdì parí, ó yege. Nọ́ńbà kékeré yìí ló ń pinnu ẹni tó máa jẹ gbèsè tí ẹjọ́ olè bá dìde. Tí kò bá sí i, oníkáàdì á sọ fún báńkì ẹ̀ pé òun kọ́, báńkì á fa owó náà padà lọ́wọ́ wa, ọjà wa á sì ti lọ. Tó bá wà, báńkì tó ni káàdì ò lè fi ẹ̀sùn olè fa owó náà padà lọ́wọ́ wa mọ́, ọ̀rọ̀ di ti báńkì àti oníkáàdì ẹ̀. Ìdí tí báńkì fi ń sọ fún màmá pé "ṣebí ẹ fi kóòdù sí i" nìyẹn. Bí òfin káàdì ṣe rí, a lè fọwọ́ lẹ́rán, ká ní kò kàn wá, owó wa dáa. Mo mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹrù náà ò tíì kúrò. Ètò tiwa ni pé ọ́dà olówó ńlá látọ̀dọ̀ akáùǹtì tuntun máa ń dúró kí èèyàn wò ó kó tó jáde, kóòdù wọlé o, kò wọlé o. Owó náà gan-an, báńkì ṣì kàn dì í mú ni, a kì í gbà á wọlé tán títí a ó fi di ẹrù. Lójú màmá owó ti lọ, nínú ìwé báńkì ó wà ní ìdádúró. Èmi àti ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ilé ẹrù wo ọ́dà náà, a pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, ẹni tó gbé e kò lè sọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì tó fi sanwó, ó gé fóònù. A fagi lé ọ́dà, a fi àṣẹ ìtúsílẹ̀ ránṣẹ́ sí báńkì pé a ò gba owó yẹn mọ́. Mo ṣàlàyé fún màmá pé kì í ṣe pé a ń dá owó padà bí ẹni tó ti ná an, ṣe la yọwọ́ lórí ẹ̀, tó bá di pé báńkì ṣiṣẹ́ lé e, ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, owó wọn á tún fara hàn.

Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà, mo ní ó tì o màámi, ẹ dákẹ́ ná, káàdì yẹn kò ṣeé lò mọ́. Kóòdù ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà iwájú, ọjọ́ tó máa kú àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn ṣì wà lọ́wọ́ olè, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù lágbàáyé ló ń béèrè kóòdù. Wọ́n pe báńkì lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n fún wọn ní òmíràn tó ní nọ́ńbà tuntun.

Ọjọ́ kejì, ẹnì kan tún ṣí akáùǹtì tuntun lórí ṣọ́ọ̀bù wa, fóònù irú kan náà, nọ́ńbà káàdì kan náà. ACS ò tiẹ̀ sọ `C` rárá, ó dáhùn `R`, ìyẹn ni pé ó kọ̀ ọ́ tààrà, kóòdù kankan ò jáde, a ò sì gbé ìsanwó náà débi tí báńkì á ti máa wo owó.